Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jó irin, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nílé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn omi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ilẹ̀kùn onírin pẹrẹsẹ ni mò ń wí, èyí tí wọ́n fi ń dí ojú ihò lára ògiri ìsédò tàbí ti adágún ẹja, tó dúró ṣánṣán, tí omi sì bo orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá bá yín, mo mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè: báwo ni omi yóò ṣe tì í lágbára tó? Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Èyí tó kù ni pé, ibo gan-an lára ilẹ̀kùn ni omi yóò ti tì í? Ẹni tó bá dáhùn ti àkọ́kọ́ tó sì gbàgbé èkejì, irin rẹ̀ lè nípọn bí ìka ọwọ́, kí ilẹ̀kùn náà sì tún fà ya níbi tí kò fọkàn sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ká má fi í sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Onígun mẹ́rin gbọọrọ ni. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kan àti ààbọ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà méjì. Láti ojú omi dé etí òkè rẹ̀ jẹ́ mítà kan, nítorí náà etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní mítà mẹ́ta sí abẹ́ ojú omi. Ní báyìí ná, ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, kò sí omi kankan níbẹ̀.

Omi tó bá kún inú àpótí tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, 1,000 kílò ni, tọ́ọ̀nù kan géérégé. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé bí a bá wọ inú omi lọ ní mítà kan, ìtẹ̀ omi níbẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù kan lórí gbogbo àyè tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Ní mítà méjì ó di tọ́ọ̀nù méjì, ní mítà mẹ́ta ó di mẹ́ta. Omi kì í sì í tẹ nǹkan sísàlẹ̀ nìkan. Ó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà, ó sì ń tì í ní ìdúró gangan sí ojú irin, kì í tì í ní wíwọ́.

Àwọn kan á máa bẹ̀rù nítorí pé adágún náà tóbi. Ẹ má bẹ̀rù títóbi. Ìjìnlẹ̀ nìkan ni ilẹ̀kùn mọ̀. Ẹ gbé ilẹ̀kùn wa yìí sí adágún Ìkéré lẹ́bàá Ìséyìn, ẹ tún gbé irú rẹ̀ sí kòtò tóóró tí kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn náà lọ. Bí mítà kan omi bá wà lórí etí òkè àwọn méjèèjì, ipá kan náà ni wọn yóò rù. Sáímọ́nì Sítẹ́fìnì, ọmọ ìlú Brúújì, ti kọ èyí sínú ìwé rẹ̀ lórí ìwúwo omi ní ọdún 1586, síbẹ̀ mo ṣì ń rí àwọn tó ń fi irin ṣòfò nítorí pé adágún fẹ̀ lójú wọn, tí wọ́n sì ń fi irin tín-ín-rín sí kòtò jíjìn nítorí pé ó rí tóóró.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ń tẹ ojú omi, omi sì ń gbé ìtẹ̀ náà dé iwájú ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ kan náà ń tẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó gbẹ. Àwọn méjèèjì dọ́gba, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Ó wá ku ká mọ iye rẹ̀. Ìtẹ̀ omi lórí ilẹ̀kùn wa kò dọ́gba: tọ́ọ̀nù kan ni lókè, tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni nísàlẹ̀. Nítorí pé ó ń pọ̀ sí i déédéé bí a ti ń lọ sísàlẹ̀, èyí tó wà ní agbedeméjì ni ìdajì wọn, tọ́ọ̀nù méjì. Ojú ilẹ̀kùn, mítà kan àti ààbọ̀ lọ́nà méjì, jẹ́ mítà mẹ́ta níbùú-lóròó. Méjì lọ́nà mẹ́ta, tọ́ọ̀nù mẹ́fà. Ẹ̀yin ará ilé ẹ̀kọ́ yóò kọ ọ́ báyìí:

F = 1000 × 9.81 × 2 × 3 = 58,860 N

Nǹkan kan náà ni. Ìwọ̀n erin kan tó ti dàgbà ni omi jẹ́jẹ́ yẹn gbé lé irin yín, láìsí ariwo kankan.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Tọ́ọ̀nù mẹ́fà wa rèé, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Nítorí pé agbedeméjì ilẹ̀kùn la lò láti mọ iye, ó rọrùn kéèyàn rò pé agbedeméjì náà ni ipá ti kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ń jẹ ìyà ju òkè lọ, nítorí náà ojú ibi tí gbogbo ipá náà para pọ̀ sí gbọ́dọ̀ sún sísàlẹ̀. Báwo ló ṣe sún tó? Ẹ pín ẹrù náà sí méjì. Ìdá kan ni èyí tó dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, tọ́ọ̀nù kan lórí mítà níbùú-lóròó kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́ta, ó sì ń gba agbedeméjì kọjá, ìyẹn 100 sẹ̀ǹtímítà láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ìdá kejì ni àlékún: òfo ni lókè, tọ́ọ̀nù méjì ni nísàlẹ̀. Bí ẹ bá yà á sórí ìwé, onígun mẹ́ta ni yóò jẹ́. Àpapọ̀ tirẹ̀ náà jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́ta, àmọ́ onígun mẹ́ta kì í dúró ní agbedeméjì. Ó ń kọjá níbi ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìsàlẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 67 sẹ̀ǹtímítà. Ẹrù méjì tó dọ́gba, ọ̀kan ní 100, ọ̀kan ní 67. Àárín wọn ni wọ́n ti pàdé: sẹ̀ǹtímítà 83 láti ìsàlẹ̀. Ipá náà ti fi sẹ̀ǹtímítà 17 sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní agbedeméjì.

Ọ̀nà àbùjá wà fún ẹni tí kò fẹ́ máa pín ẹrù. Bí h bá jẹ́ gíga ilẹ̀kùn, tí H sì jẹ́ ìjìnlẹ̀ agbedeméjì rẹ̀ láti ojú omi, iye tí ipá fi sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní agbedeméjì ni h² ÷ 12H. Fún tiwa, 4 ÷ 24, ìyẹn 0.167 mítà. Ẹ ṣàkíyèsí pé fífẹ̀ ilẹ̀kùn kò sí nínú rẹ̀ rárá. Fífẹ̀ máa ń pọ̀ kún iye ipá, kì í ṣí ibi tó ti kọjá nípò.

Ẹ lè ní, bàbá, kí ni sẹ̀ǹtímítà 17 fẹ́ ṣe? Ẹ jẹ́ ká so ilẹ̀kùn náà kọ́. Ẹ fi ìńjì sí etí òkè rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdè bóòtù mú etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri. Bí èèyàn méjì bá fi ọ̀pá gbé ẹrù láàárín ara wọn, ẹni tí ẹrù sún mọ́ ni yóò làágùn jù. Ẹrù wa jìnnà sí ìńjì òkè ní sẹ̀ǹtímítà 117, ó sì sún mọ́ ìdè ìsàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 83. Ẹ fi mẹ́fà lu 1.167, ẹ ó rí èje: ìyẹn ni agbára tí omi fi fẹ́ yí ilẹ̀kùn náà lórí ìńjì rẹ̀. Ẹ fi gíga ilẹ̀kùn, mítà méjì, pín èje náà, tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ni yóò kan ìdè ìsàlẹ̀. Tọ́ọ̀nù méjì àti ààbọ̀ tó kù ni ti ìńjì.

Ẹni tó rò pé agbedeméjì ni ipá wà yóò pín mẹ́fà sí mẹ́ta-mẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ pé, kò sì sí olùkọ́ tí yóò fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí mẹ́fà rẹ̀. Àmọ́ ó ti fi ààbọ̀ tọ́ọ̀nù kún ẹrù ìdè ìsàlẹ̀ láìsọ fún un. Bóòtù tó rà fún mẹ́ta ló ń ru mẹ́ta àti ààbọ̀, lójoojúmọ́, lábẹ́ omi, níbi tí ojú ènìyàn kò dé. Ẹ ó rí àmì rẹ̀ bí wọ́n bá fa omi náà gbẹ fún àtúnṣe: ihò bóòtù ìsàlẹ̀ kò rí róbótó mọ́, ó ti gùn bí ẹyin. Rọ́bà tó yí etí ilẹ̀kùn ká yóò ti rún nísàlẹ̀, ti òkè yóò sì ṣì rí bíi tuntun. Bí omi bá ń tú jáde ní igun ìsàlẹ̀ méjèèjì, tí ti òkè sì gbẹ, ẹ má tètè dá rọ́bà lẹ́bi.

Nǹkan kan náà ló kan irin ìdábùú tí ẹ ń jó mọ́ ẹ̀yìn páànù kó má baà wú. Ojú ló máa ń tan àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọn a na téèpù, wọn a jó ọ̀kan ní 50 sẹ̀ǹtímítà láti òkè, èkejì ní 150, nítorí pé ó wò déédéé bẹ́ẹ̀. Omi kò mọ ẹwà. Bí ẹ bá fẹ́ kí irin méjèèjì ru tọ́ọ̀nù mẹ́ta-mẹ́ta, 70 àti 164 sẹ̀ǹtímítà láti etí òkè ni kí ẹ jó wọn sí. Yóò rí bí ẹni pé irin ti ṣùjọ sísàlẹ̀, oníṣẹ́ sì lè bú yín pé ẹ kò mọ ilẹ̀kùn ṣe. Ẹ jẹ́ kó bú yín.

Ní báyìí, ojú omi kì í dúró síbì kan. Òjò ń rọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ń dé. Ibi tí ipá ti ń kọjá ń rìn pẹ̀lú rẹ̀, ìrìn rẹ̀ sì lòdì sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń retí. Ká ní omi fà dé etí òkè ilẹ̀kùn géérégé. Ipá di tọ́ọ̀nù mẹ́ta, ó sì sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní agbedeméjì ní sẹ̀ǹtímítà 33. Ká ní omi kún títí ó fi di mítà márùn-ún lórí etí òkè. Ipá ti di tọ́ọ̀nù 18, àmọ́ sẹ̀ǹtímítà 6 péré ló fi sọ̀ kalẹ̀. Bí omi bá ṣe ń ga sí i ni ipá ń pọ̀ sí i, tí ibi tó ti ń kọjá sì ń gòkè bọ̀ wá bá agbedeméjì, láìdé ibẹ̀ láé. Ìdí rẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ àárín òkè àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kò kúrò ní tọ́ọ̀nù méjì, nígbà tí ẹrù tó dọ́gba ń ga lójoojúmọ́, títí àlékún náà kò fi já mọ́ nǹkan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí omi bá fà kọjá etí òkè, tí apá kan ilẹ̀kùn yọ síta, ẹ má fi gbogbo gíga ilẹ̀kùn ṣe ìṣirò mọ́. Apá tó wà nínú omi nìkan ni ilẹ̀kùn lójú omi. Bí ó bá ku mítà kan omi lára ilẹ̀kùn wa, ìdajì tọ́ọ̀nù ni ìtẹ̀ tó wà ní agbedeméjì apá náà, mítà kan àti ààbọ̀ sì ni ojú rẹ̀ níbùú-lóròó: 0.75 tọ́ọ̀nù, ní sẹ̀ǹtímítà 33 láti ìsàlẹ̀. Ẹ fi iye yìí pamọ́, a ó lò ó láìpẹ́.

Títí di ìsinsìnyí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbẹ. Nínú iṣẹ́ gidi, ó ṣọ̀wọ́n kó gbẹ. Omi tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá lánàá ṣì wà nínú kòtò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ó ga dé mítà kan láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ti iwájú sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Omi ẹ̀yìn yìí ń ti ilẹ̀kùn padà pẹ̀lú 0.75 tọ́ọ̀nù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú mẹ́fà, ó ku 5.25. Ìyẹn ni ipá tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn ti bára wọn jà.

Ibo ni èyí tó ṣẹ́kù ń gbà kọjá? Ẹ máa fojú sí etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ti iwájú: mẹ́fà lọ́nà 0.833, ó jẹ́ márùn-ún. Ti ẹ̀yìn: 0.75 lọ́nà 0.333, ó jẹ́ 0.25. Ẹ yọ ọ́, ó ku 4.75. Ẹ fi 5.25 pín in, ẹ ó rí 0.905 mítà. Ipá ti dín kù, ó sì ti fi sẹ̀ǹtímítà 7 gòkè kúrò ní 83 tó wà tẹ́lẹ̀. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni omi ẹ̀yìn ti ń ran ilẹ̀kùn lọ́wọ́.

Bí omi ẹ̀yìn náà bá wá ga títí tó fi bo ilẹ̀kùn pátápátá, ìṣirò á rọrùn gan-an. Ká ní omi iwájú fi ìdajì mítà ga ju ti ẹ̀yìn lọ. Ibi yòówù kí ẹ fọwọ́ kàn lára ilẹ̀kùn, ìdajì tọ́ọ̀nù ni ìyàtọ̀ ìtẹ̀ níbẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ bákan náà. Ìdajì lọ́nà mẹ́ta, tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀, agbedeméjì gan-an ló sì ń gbà kọjá. Nígbà yìí nìkan ni ẹni tó rò pé agbedeméjì ni yóò jàre.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù ló kàn. Irú ilẹ̀kùn kan wà tí kò ní ìńjì lókè. Ọ̀pá irin kan ló gba àárín rẹ̀ kọjá níbùú, lórí ọ̀pá yẹn ló sì ti ń yí. Wọ́n ń ṣe é kó lè máa ṣí fúnra rẹ̀ bí omi bá kún jù, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ju ohun tí a ti sọ lọ. Ẹ fi ọ̀pá náà sí sẹ̀ǹtímítà 85 láti ìsàlẹ̀. Bí omi bá wà ní mítà kan lórí etí òkè, ipá ń kọjá ní 83, ní abẹ́ ọ̀pá. Ó ń ti apá ìsàlẹ̀ mọ́ ògiri, ilẹ̀kùn sì pa dé. Bí òjò ti ń rọ̀, tí omi ń ga, ipá ń gòkè. Nígbà tí omi bá dé sẹ̀ǹtímítà 122 lórí etí òkè, ipá ti dé 85, ó bá ọ̀pá dọ́gba. Kó fi díẹ̀ ga sí i, ipá ti wà lókè ọ̀pá, ó ti orí ilẹ̀kùn lọ sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì yí wá síwájú, omi bá já. Bí mo bá rí irú ilẹ̀kùn yìí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, inú mi máa ń dùn ju bí mo bá rí ẹ̀rọ olówó ńlá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ padà wo omi ẹ̀yìn. Ká ní koríko dí kòtò tó ń gbé omi lọ, omi wá ga dé mítà kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí omi adágún kò sì fi ìka kan ga sí i. A ti ṣe ìṣirò rẹ̀: ipá tó ṣẹ́kù ń kọjá ní 90. Ìyẹn ti ju 85 lọ. Ilẹ̀kùn yóò ṣí lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn, ẹja olówó á bá omi lọ, ẹni tó ni adágún á sì máa wá ẹni tó wá jí i ṣí lóru. Kò sẹ́ni tó jí i ṣí. Ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn ló fi omi iwájú nìkan yan ibi tí ọ̀pá wà. Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀sùn irú èyí, ẹ má kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn. Ẹ lọ wo kòtò tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà: ilẹ̀kùn tí ó yẹ kó ṣí tó sì kọ̀. Gbogbo ìṣirò wa gbà pé ọ̀pá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀pá tó dípẹtà kì í yí bẹ́ẹ̀. Yóò di ilẹ̀kùn mú kọjá ibi tí ìwé sọ. Ní July 17, 1995, ilẹ̀kùn kẹta ní ìsédò Fọ́sọ̀ọ̀mù ní Kalifọ́níà já nígbà tí wọ́n ń ṣí i lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ omi adágún náà sì ṣàn lọ. Ilẹ̀kùn tó tẹ̀ kọdọrọ ni ti wọn, kò rí pẹrẹsẹ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí ni pé ìpẹtà ti mú kí ọ̀pá tó ń yí lé lórí máa há, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó yàwòrán rẹ̀ kò ka híhá náà mọ́ ẹrù tí irin yóò rù. Wọ́n mọ ipá omi, wọ́n mọ ibi tó ń gbà kọjá, ọ̀pá ni wọn kò bi léèrè. Gíríìsì kò wọ́n tó ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn omi wá, tó sọ gíga, tó sọ fífẹ̀, tó sọ ibi tí omi iwájú ń kún dé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè ibi tí omi ẹ̀yìn lè ga dé ní àkókò òjò tó le jù. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó lọ wọ̀n ọ́n wá. Kó tó padà dé, ẹ má gé irin kankan.